Kúrúùsì Ni àbí Kí Ẹ Ṣètò Rẹ̀ Fúnra Yín? Ìfiwéra fún Tọkọtaya Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Nínú ìwé ìpolówó kúrúùsì, ìyẹn ìrìnàjò afẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tó ń yà láti ìlú kan dé òmíràn, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé: Róòmù, aago 7 àárọ̀ sí aago 7 alẹ́. Wákàtí 12 gbáko nìyẹn lójú ẹni tó ń kà á. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi ńlá kì í dé Róòmù. Civitavecchia ló ń gúnlẹ̀ sí, ìlú etíkun kan tó fi nǹkan bí 80 kìlómítà jìnnà sí Róòmù, wákàtí tí ẹ máa lò nínú Róòmù gan-an kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ju mẹ́fà lọ. Ibẹ̀ ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀ bí àwọn àgbà àdúgbò wa bá bi mí pé èwo ló sàn, kí àwọn wọ kúrúùsì ni àbí kí àwọn fúnra wọn wá òtẹ́ẹ̀lì àti ọkọ̀.

Àwọn tó bi mí kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n mi kan àti ìyàwó wọn, tí wọ́n ń gbé ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n wa bọ́ọ̀sì títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, nọ́ọ̀sì sì ni ìyàwó wọn, tí mo máa ń pè ní Màmá. Owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé, àwọn ọmọ ti kúrò nílé, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n sì fẹ́ lò. Màmá fẹ́ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Fatikáánì, wọ́n sì fẹ́ rí Pọ́mpéì, ìlú tí òkè oníná Vesuvius bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Orúnkún ń dun ẹ̀gbọ́n ní tiwọn, ohun tí wọ́n sì sọ fún mi ni pé: "Àbúrò, ibi tí mi ò ti ní gbé àpótí gun àtẹ̀gùn ni kí o wá fún mi." Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò jọra rárá, wọn ò sì tíì mọ̀ pé wọn ò jọra nígbà tí wọ́n ń pè mí.

Ètò méjì ni a tò síwájú. Àkọ́kọ́ ni kúrúùsì alẹ́ 7 tó ń gbéra láti Bàsẹ́lónà, tó ń yà ní Máséè, Jẹ́nóà, Civitavecchia, Nápólì àti Pàlẹ́mò, tó ń lo ọjọ́ kan lórí omi, kó tó padà sí Bàsẹ́lónà. Irú ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà ní apá ìwọ̀-oòrùn òkun Mẹditaréníà. Èkejì ni kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Róòmù, kí wọ́n sun alẹ́ 4 níbẹ̀, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Nápólì, kí wọ́n sun alẹ́ 3, kí wọ́n sì ti Nápólì fò padà sí Lọ́ńdọ̀nù.

Wákàtí tí ẹ máa lò nílùú

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọjọ́ Róòmù náà bó ṣe máa rí gan-an. Ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní aago 7. Àwọn aláṣẹ èbúté gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sì wà nínú ọkọ̀ tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá yára, ẹ ó ti wà ní ilẹ̀ ní nǹkan bí aago 7:45. Bọ́ọ̀sì èbúté á gbé yín dé ibi tí wọ́n ń pè ní Largo della Pace, láti ibẹ̀ ẹ ó tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn tàbí kí ẹ rìn dé ibùdókọ̀ ojú irin. Ó máa ń tó aago 8:45 kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra. Bó bá jẹ́ Roma Termini, ibùdókọ̀ ńlá ìlú náà, ni ẹ ń lọ, ọkọ̀ tó ń yà káàkiri máa ń lò ju wákàtí kan lọ dáadáa.

Bí Màmá bá máa lọ fúnra wọn láti èbúté, mo ní kí wọ́n má dé Termini rárá. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń bọ̀ láti Civitavecchia máa ń dúró ní Roma San Pietro. Bí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ìrìn díẹ̀ ni wọ́n máa rìn dé gbàgede Pétérù Mímọ́. Orúkọ yẹn gan-an ni kí ẹ tẹ̀ sórí fóònù nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ kò sì tó yúrò 10 fún ẹnì kan. Wọ́n máa débẹ̀ ní nǹkan bí aago 9:40.

Ìpadàbọ̀ wá ńkọ́? Aago 7 ni ọkọ̀ máa ṣíkọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ti wọlé ní ìdajì wákàtí, nígbà mìíràn wákàtí kan gbáko, ṣáájú. Ẹni tó bá ń lọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún ọkọ̀ ojú irin kan tó lè má wá. Nítorí náà, aago 4 ni mo máa ń sọ pé ó pẹ́ jù tí àgbàlagbà gbọ́dọ̀ kúrò ní San Pietro. Láti 9:40 sí aago 4, wákàtí 6 àti ogún ìṣẹ́jú nìyẹn. Ẹ yọ àkókò tí ẹ máa fi tò sí ibi àyẹ̀wò ààbò kúrò nínú rẹ̀, èyí tó lè ju wákàtí kan lọ ní àsìkò tí èrò pọ̀, ẹ yọ oúnjẹ ọ̀sán, ẹ yọ ìsinmi orúnkún. Màmá máa rí ṣọ́ọ̀ṣì náà dáadáa. Wọn ò ní rí nǹkan kejì.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá bọ́ sí tún ṣe pàtàkì, ohun tí àwọn èèyàn kì í sì í wò nìyẹn. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, bí Póòpù bá wà nílé, ó máa ń bá àwọn èèyàn pàdé ní gbàgede yẹn, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà títí ìpàdé á fi parí. Lọ́jọ́ Àìkú, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fatikáánì máa ń wà ní títì, àyàfi Àìkú tó kẹ́yìn oṣù. Ọkọ̀ kò lè dúró di ọ̀la nítorí yín. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ mọ ọjọ́ tó bọ́ sí ní èbúté kọ̀ọ̀kan.

Nápólì yàtọ̀ pátápátá, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ kí ó má dà bí ẹni pé gbogbo èbúté ló burú. Iwájú ìlú gan-an ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí níbẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ààfin àtijọ́ Castel Nuovo wà lókèèrè díẹ̀ níwájú yín, ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Municipio sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ ibẹ̀ dé Garibaldi, ẹ bọ́ sórí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Circumvesuviana, tí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ ní Pompei Scavi, lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ẹnu ọ̀nà àwókù náà kò jìnnà sí ibùdókọ̀ yẹn rárá. Ọkọ̀ ojú irin ọ̀hún ti gbó, ó máa ń kún fọ́fọ́, àwọn jáwójáwó sì fẹ́ràn rẹ̀, nítorí náà kí owó wà ní àpò inú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gúnlẹ̀ ní Nápólì láti aago 8 sí aago 6 lè rí Pọ́mpéì, kó sì padà wá jẹ pítísà kí ọkọ̀ tó ṣí. Pàlẹ́mò náà rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ fi ń wọ ìlú. Ní Máséè, ibi tí ọkọ̀ ńlá ń gúnlẹ̀ sí jìnnà sí èbúté àtijọ́ tó wà láàárín ìlú, bọ́ọ̀sì ni ẹ máa wọ̀.

Nítorí náà, ẹ má wo orúkọ ìlú tí wọ́n kọ, ẹ wá orúkọ èbúté tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní Fílórẹ́ńsì, Livorno tàbí La Spezia ló máa jẹ́. Páríìsì ni Le Havre, Bẹ̀líìnì sì ni Warnemünde, ọ̀nà jíjìn gidi ló wà láàárín àwọn méjèèjì yẹn àti ìlú tí wọ́n ń fi wọ́n pè. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjọba Ítálì ti fòfin de ọkọ̀ ńlá láti gba iwájú àárín ìlú Fẹ́nìsì kọjá, nítorí náà àwọn kan tó ń kọ Fẹ́nìsì sínú ìwé wọn, ìlú mìíràn bíi Ravenna tàbí Trieste ni wọ́n ti ń gbé èrò.

Ẹ wá fi ọ̀nà kejì wé e. Ẹni tó sun alẹ́ 4 ní Róòmù ní ọjọ́ 3 tó pé pérépéré, yàtọ̀ sí ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó lọ. Ó lè dé gbàgede Pétérù Mímọ́ ní aago 7 àárọ̀, nígbà tí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ṣì ń dúró de ìyọ̀ǹda àtisọ̀kalẹ̀. Ní ti rírí ìlú, kúrúùsì kò bá a dọ́gba, mi ò sì mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè jiyàn rẹ̀.

Owó

Ohun kan wà tó ṣojú rere sí tọkọtaya nínú owó kúrúùsì. Èèyàn méjì nínú yàrá kan ni wọ́n fi ń gbé iye lé e. Opó tàbí ẹni tó dá lọ máa ń san owó tó súnmọ́ ti ẹni méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì kò ní fara gba ìyẹn. Èyí ni kì í jẹ́ kí ìyàtọ̀ owó pọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe rò.

Iye tó wà nínú tábìlì yìí ni mo fi ṣe ìṣirò fún ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó wọn, fún oṣù karùn-ún, ní pọ́n-ùn, fún àwọn méjèèjì pa pọ̀. Tiyín lè yàtọ̀. Ẹ fi iye tí ẹ bá rí rọ́pò rẹ̀, kí ẹ má sì fo ìlà kankan.

| Ohun tí ẹ ń san fún | Kúrúùsì | Fúnra yín |
|---|---|---|
| Yàrá (alẹ́ 7) | 1,700, oúnjẹ wà nínú rẹ̀ | 910 |
| Owó orí àlejò tí ìlú ń gbà | kò sí | 70 |
| Ọkọ̀ òfuurufú | 320 | 320 |
| Owó ìdúpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ | 140 | kò sí |
| Oúnjẹ àti ohun mímu | 100 | 560 |
| Íńtánẹ́ẹ̀tì | 80 | kò sí |
| Ọkọ̀ ojú irin láàárín ìlú méjì | kò sí | 60 |
| Ìrìn àfẹ́, àbáwọlé àti takisí | 390 | 320 |
| Ìbánigbófò | 140 | 110 |
| Àpapọ̀ | 2,870 | 2,350 |

Ẹ ó rí i pé 1,700 ni ìwé ìpolówó ń pariwo, ẹgbẹ̀rún kan ó lé ní 100 sì ti kún un kí ìrìnàjò tó parí. Owó ìdúpẹ́ ló máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu jù. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sórí orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, yálà òṣìṣẹ́ kan ṣe yín lóore àbí kò ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ti pa á pọ̀ mọ́ owó yàrá, nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi aṣojú wọn lórí fóònù nìyẹn. Omi inú ìgò, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti kọfí tó dára náà sábà máa ń lówó tiwọn. Àwọn méjèèjì yìí kì í mu ọtí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ 100 péré. Ẹni tó bá fẹ́ wáìnì lálaalẹ́, kó ṣe ìṣirò mìíràn.

Ohun tí mo tún fẹ́ kí ẹ wò ni ìlà oúnjẹ. Ìgbà tí ẹ bá ń lọ fúnra yín, 80 pọ́n-ùn lójúmọ́ fún ẹni méjì kì í ṣe owó àjẹṣẹ́kù ní àárín Róòmù. Ibi tí a ti lè dín in kù ni kí ẹ gba ilé kékeré tó ní ibi ìdáná dípò òtẹ́ẹ̀lì. Ọjà Esquilino, tó wà nítòsí Termini, kún fún àwọn tó ń ta iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ata àti ẹja gbígbẹ. Màmá ti ń bi mí bóyá wọ́n lè rí ewédú níbẹ̀ kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ iye owó ilé. Lórí ọkọ̀, oúnjẹ pọ̀ rẹpẹtẹ, ẹ sì lè bù ú lẹ́ẹ̀mẹta, àmọ́ kò ní ata tó jẹ́ ata. Mo mọ àwọn àgbà tó ń gbé ìgò ata gígún sínú àpò lọ sí tábìlì, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n léèrè.

Ìyàtọ̀ 520 pọ́n-ùn yìí kì í dúró sójú kan. Ní àsìkò kan, òtẹ́ẹ̀lì Róòmù lè wọ́n débi pé kúrúùsì á di èyí tó dín owó. Ní àsìkò tí òtẹ́ẹ̀lì bá dín owó, yóò yí padà sí ọ̀nà kejì.

Bí nǹkan bá yí padà

Kúrúùsì ń fẹ́ kí ẹ san owó tó ṣẹ́ kù ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú, bí ẹ bá sì fagi lé e lẹ́yìn náà, iye tí ẹ máa rí gbà padà á máa dínkù bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́lé títí á fi di òfo. Òtẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá gbà pẹ̀lú àdéhùn ìfagilé ọ̀fẹ́, ẹ lè fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú láìsan nǹkan. Fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí dókítà lè sọ fún un lónìí pé kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Ọkọ̀ pẹ̀lú lè yí ètò tirẹ̀ padà láìbi yín. Bí afẹ́fẹ́ bá le jù, kápẹ́ẹ̀nì lè fo èbúté kan, ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí ló sì fún un láṣẹ. Owó èbúté kékeré ni wọ́n sábà máa ń dá padà. Bó bá ṣe Civitavecchia ni wọ́n fò, Màmá ti pàdánù ohun tó gbé wọn kúrò nílé nìyẹn.

Síbẹ̀, kí a má ṣe fi òmìnira dá ara wa lọ́rùn. Ẹni tó ń lọ fúnra rẹ̀ ni yóò mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin bá daṣẹ́ sílẹ̀, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní Ítálì dáadáa. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ ṣáájú, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa wò fún lára pátákó ni "sciopero". Bí ẹ bá rí i fún ọjọ́ tí ẹ fẹ́ kúrò ní Róòmù lọ sí Nápólì, ẹ pe òtẹ́ẹ̀lì méjèèjì, ẹ sún un síwájú ní ọjọ́ kan. Wàhálà ni, ṣùgbọ́n wàhálà tí ẹ lè yanjú ni. Ní ti ọkọ̀ ojú omi tó bá fo èbúté, kò sí ẹni tí ẹ máa pè.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ṣíkọ̀ fi èrò sílẹ̀, òótọ́ ni. Bí ẹ bá ra ìrìn àfẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, tí bọ́ọ̀sì wọn sì pẹ́, wọn á dúró tàbí kí wọ́n ná owó láti gbé yín lọ sí èbúté tó kàn. Bí ẹ bá lọ fúnra yín, wọn ò ní dúró. Nítorí náà ni mo ṣe ní, bí wọ́n bá yan kúrúùsì, kí ẹ̀gbọ́n kúkú ra ti ọkọ̀ fún Róòmù dípò kí wọ́n dá wọ ọkọ̀ ojú irin, bó tilẹ̀ wọ́n, kí wọ́n sì lọ fúnra wọn ní Nápólì àti Pàlẹ́mò tí ìlú wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé tí ọkọ̀ ń pín lójoojúmọ́ máa ń ní orúkọ àti nọ́ńbà aṣojú wọn ní èbúté náà. Ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, nítorí òun ni ẹ máa pè bí nǹkan bá ṣe.

Irú ewu kan náà wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ́tọ̀, tí ó sì pẹ́, ọkọ̀ ojú omi kò mọ̀ yín. Ẹ dé Bàsẹ́lónà ní ọjọ́ kan ṣáájú. Owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan yẹn, tí kò sí nínú tábìlì mi, kì í ṣe ohun tí ẹ lè yọ kúrò.

Orúnkún, dókítà àti físà

Ibí ni kúrúùsì ti gbapò lọ́wọ́ ọ̀nà kejì. Ẹ ó tú ẹrù yín sínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, ìlú márùn-ún á wá bá yín. Lífítì wà káàkiri, bí orúnkún bá sì ń dun ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ Jẹ́nóà, wọ́n lè jókòó sórí ọkọ̀ kí wọ́n máa wo òkun, Màmá á sì bá àwọn yòókù wọ ìlú. Ní Róòmù, òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ òpópónà, ẹsẹ̀ á máa yẹ̀ lórí rẹ̀. Pọ́mpéì tiẹ̀ le ju ìyẹn lọ, òkúta ńláńlá ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí ìbòòji. Bí wọ́n bá gba ẹnu ọ̀nà Piazza Anfiteatro wọlé, wọ́n á bá ọ̀nà tí wọ́n tún ṣe fún àwọn tí kò lè gun òkè.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ fúnra yín, ohun mẹ́ta ni mo máa ń tẹnu mọ́ fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì bóyá lífítì wọn bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀, nítorí nínú àwọn ilé àtijọ́ lífítì lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àtẹ̀gùn mẹ́wàá. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ní wákàtí 48 ó kéré tán ṣáájú pé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́, àga onítáyà yẹn kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ní ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ní Ítálì, ọ́fíìsì kan wà tó ń jẹ́ Sala Blu tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ̀wé sí wọn ṣáájú. Ìlú méjì péré ni mo fi sí ètò wọn nítorí orúnkún yìí. Ẹni tó bá fẹ́ rí Fílórẹ́ńsì àti Fẹ́nìsì mọ́ ọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á kàn máa di àpótí á sì máa tú u ni.

Ní ti ìwòsàn, káàdì GHIC tí ìjọba Bìrìtéènì ń fún àwọn olùgbé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ wúlò ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ítálì. Lórí ọkọ̀, dókítà aládàáni ni, owó rẹ̀ á sì lọ sórí káàdì yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ìbánigbófò tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ sọ ní pàtó pé ó bo kúrúùsì, pàápàá gbígbé aláìsàn kúrò lórí ọkọ̀ pẹ̀lú hẹlikópítà. Ẹ sọ gbogbo àìsàn yín fún wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà pẹ̀lú. Ohun tí ẹ bá fi pamọ́ ni wọ́n máa fi kọ̀ láti san.

Àwọn tó ní ìwé ìrìnnà Bìrìtéènì kò nílò físà fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ìwé náà kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 10 láti ọjọ́ tí wọ́n fún yín títí di ọjọ́ tí ẹ máa wọ Yúróòpù, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta kó tó parí ní ọjọ́ tí ẹ ń kúrò. Ẹni tó ṣì ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, bó tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú Bìrìtéènì, nílò físà Ṣẹ́ńgẹ̀n, ìyẹn físà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò. Ibi tí kúrúùsì ti ń dẹ pańpẹ́ nìyí: bí ọkọ̀ bá yà ní Tanjíà, Túnísì tàbí Tọ́kì kó tó padà sí Sípéènì tàbí Ítálì, ẹ ti jáde kúrò ní Ṣẹ́ńgẹ̀n nìyẹn, físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ní gbà yín padà. Wọ́n lè dá yín dúró ní èbúté lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ wọkọ̀, kò sì sí owó tí wọ́n máa dá padà. Ìwọlé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kí ẹ béèrè fún.

Ẹni tí mo bá sọ pé kó yan èyí tàbí ìyẹn

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó wọn pé bó bá jẹ́ Fatikáánì àti Pọ́mpéì ni ìdí ìrìnàjò, kí wọ́n lọ fúnra wọn. Owó náà dín, wákàtí náà pọ̀, Màmá á sì lè lọ sí Fatikáánì lẹ́ẹ̀mejì bó bá wù wọ́n. Orúnkún ẹ̀gbọ́n ni iye takisí tí mo kọ sínú tábìlì ń tọ́jú. Láti pápákọ̀ Fiumicino sí àárín Róòmù, iye kan wà tí ìlú ti fi lélẹ̀ fún takisí funfun, fún gbogbo ọkọ̀ ni, kì í ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tẹ̀lé ẹni tó bá wá bá yín nínú ilé pápákọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀gbọ́n ń wá gan-an, ìjókòó níbì kan kí ayé máa kọjá lójú ẹni, kúrúùsì ló ní in. Ọ̀nà Ítálì ni kò bá a mu. Mo ní kí wọ́n fi èyí sí ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n sì yan Nọ́wè. Ọkọ̀ ń gbéra láti Southampton, nítorí náà kò sí pápákọ̀ nínú rẹ̀, àpótí tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè kó. Àwọn àfonífojì tí òkun wọ̀ láàárín òkè gíga, bíi ti Geiranger, láti orí ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ti dára jù láti wò, ẹni tó jókòó pẹ̀lú ife tíì rí ohun tí ẹni tó ń rìn kò lè rí. Ní Bergen àti Stavanger, ìlú wà nítòsí ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Òtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ wọ́n púpọ̀ ní Nọ́wè, nítorí náà ìṣirò tábìlì mi lè dojú dé níbẹ̀, kí kúrúùsì jẹ́ èyí tó rọjú.

Màmá bi mí nípa ìrọ́kẹ̀kẹ̀ omi, nítorí òkun Àríwá lè ru. Kí wọ́n yan yàrá tó wà láàárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ̀ kì í ti í fi bẹ́ẹ̀ mì. Yàrá òkè pátápátá tó ní báńkóńì ló ń wọ́n jù, òun náà ló sì ń mì jù. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ báńkóńì ṣá, oṣù kẹfà ni kí wọ́n fi sí, nígbà tí omi máa ń rọ̀ díẹ̀, tí ilẹ̀ kì í sì í tètè ṣú níbẹ̀.